Ẹ Má Ka Èsì Ìdánwò Làákàyè Bíi Máàkì Iléèwé

Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí òbí ní Kàbà tàbí Ìsánlú tó ń yáwó san lẹ́sìnnì nítorí èsì ìdánwò làákàyè tí wọ́n ṣì kà.

Èkínní: ẹ má ka pásẹ́ńtáìlì sí iye ìbéèrè tí ọmọ gbà. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Bàbá kan gbé èsì ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 9, wá bá mi. Wọ́n kọ àpapọ̀ máàkì 85 síbẹ̀, wọ́n sì kọ pásẹ́ńtáìlì 16 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kun o, Àǹtí. Ọmọ mi mà gba 16 nínú 100!" Rárá o. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ka iye tí ọmọ gbà, àmọ́ wọ́n á wá lọ wo tábìlì tó wà fún ọjọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó dúró sí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú tábìlì yẹn, 100 ni àárín, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ sì wà láàárín 85 sí 115. Tí a bá wá to 100 ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 16 ni máàkì wọn ò ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí pásẹ́ńtáìlì 16 ń sọ nìyẹn.

Bàbá yìí kan náà rí 7 níwájú apá kan nínú ìdánwò náà, inú rẹ̀ sì dùn: "7 nínú 10 kò burú." Bẹ́ẹ̀, 19 ni òpin apá yẹn, 10 ni àárín rẹ̀. Ipò kan náà ni 7 yìí àti 85 tó ń pa á lẹ́kún wà: pásẹ́ńtáìlì 16 ni àwọn méjèèjì.

Èkejì: ẹ má fi 5 ya ọmọ ìyá méjì. Ọ̀kan gba 100, èkejì gba 105, ni ilé bá dàrú, torí pásẹ́ńtáìlì fò láti 50 sí 63. Àárín ni àwọn ọmọ pọ̀ sí jù, ìyẹn ló jẹ́ kó fò tó bẹ́ẹ̀. Láti 125 sí 130, pásẹ́ńtáìlì 95 ló kàn di 98. Àwọn olùdánwò máa ń kọ ààlà tí máàkì ọmọ lè wà sínú èsì. Ẹ wò ó dáadáa: ti ọmọ méjèèjì yìí wọnú ara wọn.

Ẹ má sanwó pé kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọmọ á rántí ìbéèrè, máàkì á ga, làákàyè ò sì yí padà.

Ọmọ tó ń sọ èdè Òwé ti Kàbà pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ látàárọ̀, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dán wò, tí wọ́n sì fi tábìlì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ̀n, ńkọ́? Ẹ fi apá ọ̀rọ̀ wé apá àwòrán àti búlọ́ọ̀kù. Tí apá ọ̀rọ̀ bá rẹlẹ̀ jìnnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wọ̀n, ẹ má sì gbé ìpinnu kankan ka orí àpapọ̀ máàkì yẹn.