Bí mo ṣe ṣírò owó àgbàdo tí a máa gbé fún oníbàárà lóṣù Kẹfà

Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan fẹ́ kí a tọwọ́ bọ̀wé lóṣù Kejìlá pé a ó gbé àgbàdo gbígbẹ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, kí owó tọ́ọ̀nù kan sì ti wà nínú ìwé láti ìsinsìnyí. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ títí ọkọ̀ fi máa já ẹrù. Èmi ni mo ṣírò iye tó yẹ kí a kọ.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ sí í méfò iye tí àgbàdo máa jẹ́ lóṣù Kẹfà, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo bi ara mi ni pé bí a bá ra àgbàdo náà lónìí, tí a tọ́jú rẹ̀ dọjọ́ náà, èló ni yóò ti ná wa?

₦400,000 ni a rí tọ́ọ̀nù kan rà. Èlé owó tí a máa yá jẹ́ 24% lọ́dún, ìyẹn 12% fún oṣù mẹ́fà. Ilé ìpamọ́ ń gba ₦3,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lóṣù, wọ́n sì ń gba gbogbo rẹ̀ ṣáájú: ₦18,000. Oògùn kòkòrò àti owó ẹni tó máa lò ó jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ owó ìpamọ́ wá jẹ́ ₦20,000.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi èlé sórí owó àgbàdo nìkan, tí wọ́n á wá ro owó ìpamọ́ mọ́ ọn nígbẹ̀yìn. Ìyẹn kò tọ́ níbí. ₦20,000 yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kìíní, òun náà gbọ́dọ̀ ru èlé. ₦420,000 lọ́nà 1.12 jẹ́ ₦470,400. Bó bá jẹ́ ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan la ń san owó ilé ni, èlé tó máa gorí rẹ̀ ì bá kéré, torí owó tí a san gbẹ̀yìn kò ní ru èlé rárá.

Ó ku ohun tí ìwé kì í sábà mẹ́nu kàn: àgbàdo máa ń fúyẹ́. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 13.5% nígbà tí a rà á, tó wá gbẹ dé 12.5%, ìwọ̀n rẹ̀ ti dín ní nǹkan bí 1.1%. Mo fi 0.9% kún un fún kòkòrò àti èyí tó ń dà sílẹ̀ nígbà ìgbéwọlé àti ìgbéjáde, ó di 2%. Nínú tọ́ọ̀nù kan tí a rà, 980 kílò péré la máa rí tà. Nítorí náà mo pín ₦470,400 sí 0.98, ó fún mi ní ₦480,000. Nínú ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí, F ni iye àdéhùn, S ni owó àgbàdo lónìí, U ni owó ìpamọ́, r ni èlé ọdún kan, t ni àkókò ní ìdá ọdún, w sì ni ìdá tó máa dín nínú ẹrù:

```
F = (S + U) × (1 + r × t) ÷ (1 − w)
F = (400000 + 20000) × (1 + 0.24 × 0.5) ÷ (1 − 0.02)
F = 480000
```

Mo wá dán an wò. Ká ní wọ́n gbà láti san ₦500,000. A ó yá ₦420,000, a ó ra àgbàdo, a ó tọ́jú rẹ̀, 980 kílò náà yóò mú ₦490,000 wọlé. A ó san gbèsè ₦470,400, ₦19,600 á ṣẹ́kù láìka ohun tí ọjà bá dà. Irú èrè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ẹlòmíràn tó wá fi owó tó kéré bá wa du oníbàárà náà.

Tí iye àdéhùn bá wá lọ sí ìsàlẹ̀ ₦480,000, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àgbàdo nílẹ̀ nìkan ló lè tà á lónìí, kó fi owó náà síbi tí èlé wà, kó sì fi àdéhùn rà á padà. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ lójoojúmọ́ kò ní ṣe é, torí bí àgbàdo bá tán, ẹ̀rọ máa dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ₦480,000 sí òkè àjà: iye àdéhùn kì í sábà gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ó lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ ìgbẹ́rù náà ṣe pàtàkì. Lóṣù Kẹfà, àgbàdo gbígbẹ tuntun kò tíì dé. Bí wọ́n bá ní oṣù Kẹsàn-án ni, mi ò ní fi ìṣirò yìí dá iye, torí ìkórè tuntun á ti wọ ọjà, ẹnikẹ́ni ò sì ní fẹ́ san owó tí a fi tọ́jú ti àtijọ́.

Bó bá jẹ́ ṣíà ilé iṣẹ́ kan la ṣàdéhùn láti tà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n owó èrè tí ilé iṣẹ́ ń pín máa ń dín iye kù, torí ẹni tó di ṣíà mú ló ń gbà á. Ṣíà ₦50, èlé kan náà, oṣù mẹ́fà: ₦56. Bí ilé iṣẹ́ náà bá máa pín ₦4 lórí ṣíà kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìjọba á yọ owó orí 10%, ₦3.60 ló máa wọlé. Ìyẹn á ru èlé 6% fún oṣù mẹ́ta tó kù, á di ₦3.82. Iye àdéhùn jẹ́ ₦52.18. Ẹni tó bá fi ₦4 odindi ṣírò yóò rí ₦51.76, yóò sì tà á ní 42 kọ́bọ̀ dín lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan.