Láti göz dé gözlükçülerimizden: bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ gígùn kan ní èdè Tọ́kì

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni «láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta awò ojú fún wa», ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti göz, ìyẹn ojú.

Kí n tó fi ohunkóhun mọ́ ọn, mo ya fáwẹ̀lì mẹ́jọ èdè náà sọ́tọ̀. Ti ẹ̀yìn ni a, ı, o, u. Ti iwájú ni e, i, ö, ü. Nínú wọn, o, u, ö, ü ni ètè máa ń ká roboto fún. Yorùbá náà ní àǹkóò fáwẹ̀lì, torí e máa ń bá e rìn nínú ewé, ẹ sì máa ń bá ẹ rìn nínú ẹsẹ̀. Ti Tọ́kì máa ń bá àfòmọ́ lọ títí dé òpin ọ̀rọ̀ ni.

Àfòmọ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ tuntun ló ń ṣáájú. Ìrísí mẹ́rin ni -lık ní: lık, lik, luk, lük. Ö jẹ́ ti iwájú, ó tún roboto, nítorí náà mo mú lük: gözlük, awò ojú. Lẹ́yìn náà ni -cı, tó ń tọ́ka sí oníṣẹ́. K jẹ́ kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn, ó sì ń sọ c di ç: gözlükçü.

Ọ̀pọ̀ ló kàn. Ìrísí méjì péré ni èyí ní, lar àti ler; kò bìkítà fún ètè. Mo rí gözlükçüler.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Àfòmọ́ «wa» lè jẹ́ ımız, imiz, umuz tàbí ümüz, ojú wọn sì máa ń padà sí göz, wọ́n á wá kọ gözlükçülerümüz. Fáwẹ̀lì tó kẹ́yìn nìkan ni àfòmọ́ ń wò, kì í wo ti ìpìlẹ̀. E inú ler ló kẹ́yìn, kò sì roboto: gözlükçülerimiz. Bí ẹni kan ṣoṣo ló ń ta awò fún wa, kò ní sí ler láàárín, ü yóò sì dúró: gözlükçümüz. (Ọ̀rọ̀ ti parí sí fáwẹ̀lì níbẹ̀, ni ü àkọ́kọ́ ṣe já.)

«Láti» ló kẹ́yìn: gözlükçülerimizden. Z jẹ́ akùnyùn, d kò di t.

Ẹ má ṣe gbé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn «wa» o. Annelerim ni àwọn ìyá mi; annemler ni ìyá mi àtàwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìtumọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn.

Àwọn kan kì í tẹ̀ lé òfin àǹkóò fáwẹ̀lì. Saat, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ń gba ler: saatler. Àfòmọ́ -ki náà kì í sábà yí padà: masadaki la ń kọ, kì í ṣe masadakı. Ṣùgbọ́n ó yí padà nínú dünkü, «ti àná», àti bugünkü, «ti òní». Ṣe ni kí ẹ há àwọn wọ̀nyí sórí.