Àpá ojú Bàbá tí mo pa rẹ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú títún fótò ṣe

Ní Kábbà níbí, fótò ìsìnkú wà lára iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá wa jù. Irú rẹ̀ ni ti bàbá olóyè kan láti Bùnú. Bàbá jókòó, aṣọ ìpò pupa wà ní èjìká rẹ̀, àpá kan sì wà lókè ojú rẹ̀ òsì. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ojú náà mọ́lẹ̀ fún bánà. Mo ṣí i nínú Photoshop, mo pa àpá náà rẹ́ pẹ̀lú àwọn àbààwọ́n yòókù, mo tan ìmọ́lẹ̀ sójú, mo sì tọ́jú rẹ̀ lé fótò ti tẹ́lẹ̀ lórí.

Lọ́jọ́ kẹta ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wọlé. Ó wo iṣẹ́ náà títí, ó ní, “Bọ̀dá, àpá Bàbá dà? Ọkọ́ ló ṣá wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ebè. Ọmọ wọn kan ò ní mọ̀ wọ́n báyìí.” Fóònù tí wọ́n fi ya fótò ti bàjẹ́. Mi ò ní ohun tí mo lè dá padà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: kíkun búrọ́ọ̀ṣì tààrà sórí `Background`, ìyẹn fótò gan-an. Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé `History` Photoshop. Iye ìgbésẹ̀ tí ó máa ń rántí bí ẹ ò bá yí i padà jẹ́ 50 nínú àwọn ẹ̀dà tuntun, ìfọwọ́kàn búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, nítorí náà ẹ lè lò ó tán lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá ti pa fáìlì dé, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n tẹ `Ctrl+Shift+N`, kí n ṣí ìpele òfìfo, èyí tí a ń pè ní léyà, kí n mú `Healing Brush`, kí n sì yan `Current & Below` níbi `Sample`. Búrọ́ọ̀ṣì á máa wo fótò tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n orí léyà òfìfo ni yóò máa kun sí. Kí àbààwọ́n ní léyà tirẹ̀, kí àpá náà ní tirẹ̀. Bí ọmọ bá wá ní ẹ dá àpá padà, ẹ pa ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léyà yẹn, ó parí.

Èyí tó tún dùn mí ni ti aṣọ. Mo lo `Image > Adjustments > Curves` láti tan ìmọ́lẹ̀ sójú, ó sì kan fótò náà látòkè délẹ̀. Aṣọ pupa ti sún mọ́ òpin àwọ̀ pupa tẹ́lẹ̀, ìyẹn 255. Bí mo ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, ibi tó jẹ́ 220 àti ibi tó jẹ́ 240 jọ kọ lu 255, àwọn ìlà tó wà lára híhun náà sì parẹ́ sínú àwọ̀ kan. Ẹ ì báà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó jẹ́ 220 mọ́.

`Layer > New Adjustment Layer > Curves` ni kí ẹ lò. Ó máa ń wá pẹ̀lú máàskì funfun: ibi funfun ń ṣiṣẹ́, ibi dúdú kò ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ `Ctrl+I` kí máàskì di dúdú, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun rírọ̀, tí `Flow` rẹ̀ wà ní bíi 15%, kun ojú nìkan. Aṣọ á dúró bó ṣe wà. Ẹ má fi `Eraser` gé ohunkóhun. Ohun tó bá pa ti kú, ṣùgbọ́n ohun tí máàskì bò wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ bí àwọn léyà ṣe gun ara wọn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ti mọ léyà lò pàápàá ti ń kọsẹ̀. Léyà àbààwọ́n gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ `Curves`. Bí ẹ bá yan `All Layers` níbi `Sample` tí `Curves` sì wà lókè, búrọ́ọ̀ṣì á mú awọ ara tó ti mọ́lẹ̀, `Curves` á sì tún tan án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ó rí i bíi bálabàla funfun lójú. Ohun tí léyà òfìfo kò lè ṣe ni pé kò ní tẹ̀lé yín bí ẹ bá yí fótò ìsàlẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Ẹ ó tún àtúnṣe náà ṣe.

Ẹ tọ́jú iṣẹ́ náà sí PSD, nítorí JPEG kì í gbé léyà. Bí ó bá ju 2 GB lọ, PSB ni. JPEG tí ẹ ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tẹ bánà, inú `Save a Copy` ni kó ti wá.

Ọmọ Bàbá padà rí fótò náà nínú WhatsApp ẹbí wọn, ó ti kéré sí ti àkọ́kọ́. Mo tún un ṣe lórí léyà mẹ́ta: àbààwọ́n, àpá, àti `Curves`. Mo pa ojú léyà àpá níwájú rẹ̀, mo tún ṣí i. Ó ní kí n pa ojú léyà náà, kí àpá lè hàn. Bí àpá Bàbá ṣe lọ sórí bánà nìyẹn, PSD rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.