Gbèsè Olóògbé: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe Kẹ́ Ẹ Tó San Kọ́bọ̀

Bí a bá sìnkú tán ní Èkìtì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi wá bá àkọ́bí pé, "Bàbá yín jẹ mí lówó." Ẹ má ṣèlérí, ẹ má sì fọwọ́ síwèé kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iye tó pè sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá. Lófin, ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀, kì í ṣe àpò ọmọ, àfi bí ọmọ bá ṣe onídùúró tàbí tí wọ́n jọ yá owó náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì pín nǹkan kan. Ẹni tó bá ta mọ́tò olóògbé ná láìgbàṣẹ lè di ẹni tí ilé-ẹjọ́ ní kó fi iye ohun tó mú yẹn san gbèsè. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Adó-Èkìtì, kẹ́ ẹ gba lẹ́tà adimínísíréṣọ̀n, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Òun ni báńkì sábà máa ń béèrè kó tó tú owó sílẹ̀.

Ká ní olùkọ́ kan kú ní Ìkẹ́rẹ́. Owó báńkì rẹ̀ jẹ́ ₦500,000, wọ́n sì ta mọ́tò rẹ̀ ní ₦800,000. Pósí, mọ́ṣúárì àti sàréè gba ₦200,000, ìwé ilé-ẹjọ́ gba ₦100,000. Àwọn yìí la kọ́kọ́ ń yọ. Màlúù, kánópì àti aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì ló máa sanwó rẹ̀. Ó ku mílíọ̀nù kan.

Ó yá ₦900,000 lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ó ní ₦400,000 níbẹ̀, nítorí náà ₦500,000 ló kù. Onísìmẹ́ǹtì ní ìwé ẹ̀rí gbèsè ₦300,000. Ẹnì kan tún pe ₦700,000 láìní ìwé, láìní ẹlẹ́rìí: kó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Bí kò bá rí i fìdí múlẹ̀, ₦200,000 ló kù táwọn ọmọ máa pín.

Oko kòkó tí bàbá ń dá lórí ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, olówó kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó sì fi dógò ní báńkì, báńkì lè tà á.

Bí olówó bá jókòó ti ilẹ̀kùn yín bí òṣómàáló, tó ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán.

Bí ogún kò bá sì ká gbèsè ńkọ́? Àwọn olówó á pín èyí tó wà. Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn tó fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí onídùúró fún olóògbé ni wọ́n máa lọ bá fún ìyókù.