Bí mo ṣe sọ síláìdì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn oní-POS di ojú ewé ìbéèrè àti ìdáhùn

Síláìdì tí ilé iṣẹ́ kan fi ń dá àwọn oní-POS tuntun lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba ẹ̀rọ ni mo bá ṣiṣẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìgbà tí oníbàárà bá dúró sí wọn lọ́rùn tí owó ò jáde ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ìdáhùn tí wọ́n lè ṣí lórí fóònù lásìkò yẹn gan-an ni mo fẹ́ fà yọ.

N kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú síláìdì. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí PowerPoint pè ní Notes, torí ibẹ̀ ni àlàyé tí olùkọ́ ń fẹnu ṣe wà. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ File, Export, Create Handouts, kí ẹ sì yan Notes next to slides. Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú Word. Àwòrán lásán ni ojú síláìdì máa jẹ́ níbẹ̀, nítorí náà mo fọwọ́ tẹ tábìlì owó iṣẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí ẹ̀ka ìṣírò yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn èyí, mo kó àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn oní-POS ń fi ránṣẹ́ sí fóònù ìrànlọ́wọ́ lórí Wọ́sáàpù, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ síláìdì. Ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ sọ ló wà nínú síláìdì. Ohun tó ń dun oní-POS ló wà nínú Wọ́sáàpù. Síláìdì kan ní àkọlé “Ìlànà Àtúnṣe Ìsanwó Tó Kùnà”. Ohun tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ ni: “Ẹ jọ̀ọ́ ma, wọ́n ti yọ owó oníbàárà mi, ẹ̀rọ ní Declined.” Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn ni mo fi ṣe ìbéèrè. Síláìdì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lórí rẹ̀, bí ìtàn ilé iṣẹ́, kò wọ ojú ewé náà.

Síláìdì òté owó, ìyẹn iye tí owó kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́, ló gbà mí lákòókò jù. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: ₦1,200,000 lójúmọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òfin ni. Nínú ìlànà tí CBN gbé jáde ní December 2024, iye yẹn ni gbogbo owó tí oní-POS kan lè san jáde lóòjọ́. Oníbàárà kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lóòjọ́. Ẹni tó mọ ti àkọ́kọ́ nìkan á rí i tí ẹ̀rọ kọ ₦150,000, á sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín síláìdì kan yìí sí ìbéèrè méjì, ọ̀kan nípa oní-POS, èkejì nípa oníbàárà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni ìdáhùn fúnra rẹ̀. Àlàyé ń tẹ̀ lé e.

Ti owó tó há, ohun tí ọwọ́ máa ṣe ni mo fi síwájú: ẹ má ṣe ka owó fún oníbàárà bí rìsíìtì kò bá kọ Approved, kí ẹ sì fi nọ́ńbà RRN orí rìsíìtì náà, tó ní òǹkà méjìlá, ránṣẹ́. Láìsí RRN, ẹni tó wà nídìí fóònù ò rí ìsanwó náà wá kíákíá.

Báyìí ni mo ṣe kọ ìbéèrè òté oníbàárà sórí ojú ewé, kí ìdáhùn wà ní pípadé títí ènìyàn á fi tẹ ìbéèrè:

```html
<details>
  <summary>Kí ló dé tí ẹ̀rọ kọ ₦150,000?</summary>
  <p id="ote-onibara">Oníbàárà kan kò lè gbà
  ju ₦100,000 lọ lóòjọ́.</p>
</details>
```

Ẹ wo ibi tí `id` wà. Bí ẹ bá fi sára `details` fúnra rẹ̀, líǹkì tó parí sí `#ote-onibara` á gbé ènìyàn dé ibẹ̀, àmọ́ ìdáhùn á ṣì wà ní pípadé. Tó bá wà nínú `p`, Chrome tó jẹ́ tuntun á ṣí i fúnra rẹ̀. Fóònù tó ti pẹ́ lè má ṣí i, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ yé ènìyàn kó tó tẹ̀ ẹ́.

Òté àti owó iṣẹ́ máa ń yí padà, ẹni tó sì ń tún síláìdì ṣe lè má rántí ojú ewé yìí rárá. Mo kọ ọjọ́ àyẹ̀wò àti ẹ̀ka tó fọwọ́ sí i sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tó ní iye owó nínú. Mo tún lẹ líǹkì ìdáhùn náà mọ́ Notes síláìdì tó bá a mu, kí ẹni tó bá fẹ́ yí iye owó níbẹ̀ rí ibi kejì tó gbọ́dọ̀ yí i.