Lẹ́tà alásopọ̀ tó ń já lórí fáínììlì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fi fọ́ńtì tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ kọ "aláyọ̀" sínú Inkscape kí n lè gé e ní fáínììlì. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn lẹ́tà dì mọ́ ara wọn dáadáa. Nígbà tí ẹ̀rọ gé e tán, ó ti la gbogbo ibi tí wọ́n ti pàdé kọjá. Mo tún lo Combine, ihò ló yọ sí ibi ìpàdé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwọ̀ ni ojú yín ń wò, etí ni abẹ ẹ̀rọ ń tọ̀. Ìrù l wọ ara a, dúdú bo dúdú, ẹ rí ohun kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ abẹ, lẹ́tà méjì ni wọ́n, kálukú ló sì ní etí tirẹ̀. Ẹ ṣí View > Display Mode > Outline, ẹ óò rí i bí abẹ ṣe ń rí i: ìlà ń gba orí ìlà kọjá.

Combine kò yọ àwọn ìlà náà kúrò. Ó kàn kó gbogbo wọn sábẹ́ ohun kan ni, ibi tí méjì bá ti bo ara wọn á sì di ihò. Union ni iṣẹ́ yín ń fẹ́, nítorí òun ló ń pa ìlà tó wà nínú rẹ́, tí ó sì ń fi etí òde sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo oríkèé kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé tẹ̀. Lẹ́tà tó kàn fara kan èkejì kò tíì so. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sáàárín lẹ́tà méjèèjì, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ máa fi ọfà òsì sún un díẹ̀díẹ̀. Láti y sí ọ ni mo fura sí jù. Lẹ́yìn náà:

```
Path > Object to Path
Object > Ungroup
Edit > Select All
Path > Union
```

Kí ẹ tó gé e, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹ lo Path > Split Path lórí rẹ̀ (ó wà nínú àwọn Inkscape tuntun), kí ẹ sì ka iye ẹyọ tó yọ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí "aláyọ̀" jẹ́ mẹ́rin: ara ọ̀rọ̀ náà, àmì orí á, àmì orí ọ̀, àti ìsàmì abẹ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, oríkèé kan kò tíì mú. Bí ó bá sì jẹ́ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí àmì kan ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Àwọn àmì kò ní láti so mọ́ ara ọ̀rọ̀, téèpù tí ẹ fi ń gbé sítíkà ni yóò mú wọn dúró sí àyè wọn.

Ìbéèrè: Ẹyọ mẹ́rin péré ló yọ, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bó fáínììlì tí kò wúlò kúrò, okùn tó so y mọ́ ọ ya. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ tó 200 mílímítà.

Ìdáhùn: Ó ti so lóòótọ́, ó kàn tín-ín-rín jù ni. Ẹ fi Measure (tẹ M) wọn ibi tó tín-ín-rín jù. Lójú tèmi, ohun tó bá kéré sí mílímítà kan ń bẹ̀bẹ̀ kí ó ya ni. Ká ní 0.6 lẹ bá níbẹ̀. Ẹ fi ìlà etí tó jẹ́ 0.5 mílímítà sí i nínú Fill and Stroke, kí ẹ yan igun roboto, lẹ́yìn náà Path > Stroke to Path, Ungroup, kí ẹ tún Union ṣe. Ìdajì ìlà náà, 0.25, yóò kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, okùn yín á di 1.1.

Bí okùn ti ń sanra ni ihò ń há. Ojú a tó jẹ́ 1.2 tẹ́lẹ̀ á ku 0.7, yíyọ rẹ̀ á sì di ìyà. Níbẹ̀, èmi a máa fẹ ọ̀rọ̀ náà sí i, tàbí kí n yan fọ́ńtì mìíràn.

Ìwọ̀n tí ẹ ó gé gan-an ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí o. Bí ẹ bá wá dín ọ̀rọ̀ náà kù sí 100 mílímítà lẹ́yìn rẹ̀, 1.1 yẹn á di 0.55, ẹ sì ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà bíbó, ẹ ká fáínììlì náà padà sórí ara rẹ̀, kí ẹ fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, ẹ má fà á sókè. Bí igun bá ṣì ń gbé nígbà tí okùn ti nípọn tó, ó ṣeé ṣe kí abẹ ti kú.