Bí mo ṣe pàdánù máàkì mẹ́jọ lórí Z/360, àti bí mo ṣe tún un ṣe

Máàkì mẹ́rìndínlógún ni ìbéèrè náà gbé, mẹ́jọ péré ni wọ́n fún mi. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ mi pé: "Ìdajì yòókù dà?" Nínú ìdáhùn mẹ́jọ tí mo kọ, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ àṣìṣe. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjì kí n tó fi sílẹ̀, ọ̀nà méjèèjì sì sọ fún mi pé mẹ́jọ ni.

Ìbéèrè náà ni pé ká wá gbogbo x nínú Z/360 tí x² = 1. Z/360 ni ríìngì àwọn nọ́ńbà láti 0 dé 359: ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ fi 360 pín èsì, kí ẹ mú àṣẹ́kù nìkan. Tíọ́rẹ̀mù àṣẹ́kù ti àwọn ará Ṣáínà ló wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ó ń tú ríìngì ńlá sí kéékèèké, kí èèyàn lè ṣe iṣẹ́ náà nínú àwọn kéékèèké, kó sì dá èsì padà sínú ńlá.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí a fi owó wa rà kọ ọ́ báyìí: bí n = ab, Z/n bá Z/a × Z/b dọ́gba, ìyẹn ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú Z/n dúró fún ìsopọ̀ àṣẹ́kù méjì, ọ̀kan fún a, ọ̀kan fún b. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Inú ṣì ń bí mi sí ìlà yẹn. Mo rí i pé 18 × 20 = 360, mo sì mú 18 àti 20. Nínú Z/18, 1 àti 17 ló ń fún wa ní 1 bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Nínú Z/20, ó jẹ́ 1, 9, 11 àti 19. Méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ. Fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń wá nọ́ńbà tó bá a mu láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì ń dúró níbi tí mo bá ti rí àkọ́kọ́: 1, 19, 71, 89, 91, 109, 161, 179.

Ọkàn mi kò balẹ̀, ni mo bá tún un ṣe pẹ̀lú 360 = 8 × 9 × 5. Ìpínyà yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn mi pé 1 àti −1 nìkan ni yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 2 × 2 × 2, mẹ́jọ. Mo ní ó parí. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì sùn dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìwé padà, odidi alẹ́ méjì ni mo fi ń wá ibi tí ìdajì wà. Mo tún gbogbo ìṣirò ṣe, mo sì ń bá mẹ́jọ pàdé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣíwájú wa ní ẹ̀ka ìṣirò ló bi mí pé, "Ṣé o kọ àwọn ìdáhùn ọ̀nà kejì sílẹ̀, àbí iye wọn lo kà?" Mo ní, "Iye wọn ni mo kà, ẹ̀gbọ́n." Ó ní, "Lọ kọ wọ́n jáde."

Mo kọ wọ́n: 1, 71, 89, 161, 199, 271, 289, 359. Ẹ wò ó, 19 kò sí níbẹ̀, 199 kò sì sí nínú ti àkọ́kọ́. Àṣìṣe méjì tó yàtọ̀ síra ló gbé mi dé iye kan náà. Ká ní mo ti fi àkójọ wé àkójọ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí.

Àṣìṣe kìíní wà lára 18 àti 20. Ẹ mú 181: 181² = 32761, ìyẹn sì jẹ́ 91 × 360 + 1, nítorí náà ìdáhùn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 18 pín 181, 1 ló ṣẹ́ kù, bí ẹ bá fi 20 pín in, 1 náà ni. Ojú kan náà ni 1 àti 181 ní nínú ìpínyà yẹn, n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní òdìkejì, kò sí nọ́ńbà kankan tó ń ṣẹ́ ku 1 fún 18 tó tún ń ṣẹ́ ku 4 fún 20, torí ọ̀kan ní kó má ṣe é pín sí méjì, èkejì ní kó ṣe é pín. Nínú ìsopọ̀ 360 tó wà, 180 péré la lè dé, ẹ̀ẹ̀mejì méjì la sì ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ìwé yẹn fò ni pé a gbọ́dọ̀ lè rí ìlọ́po a kan àti ìlọ́po b kan tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 1. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú ìlọ́po 18 àti 20, àròpọ̀ wọn yóò ṣe é pín sí méjì, kò lè jẹ́ 1 láé. Fún 8 àti 45, ó rọrùn: 225 jẹ́ ìlọ́po 45, −224 jẹ́ ìlọ́po 8, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 1. Bí ó ṣe rí nínú ríìngì mìíràn náà nìyẹn, bí ẹ bá fi áídíálì, ìyẹn àkójọ tó ń ṣe bíi ti àwọn ìlọ́po nínú ríìngì náà, sí ipò àwọn ìlọ́po wọ̀nyí.

Àṣìṣe kejì wà nínú Z/8. Bí x² = 1, (x − 1)(x + 1) ni 8 gbọ́dọ̀ pín. Méjì ló wà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí náà 3 kò lè pín àwọn méjèèjì pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí 9 fi ní ìdáhùn méjì péré. Ṣùgbọ́n 2 lè pín àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè pín ẹrù 8 láàárín ara wọn. Ẹ dán an wò: 9, 25 àti 49, gbogbo wọn ló ń ṣẹ́ ku 1. Mẹ́rin ni ìdáhùn Z/8: 1, 3, 5, 7. Ẹ má sì gbìyànjú láti tú Z/8 fúnra rẹ̀ sí Z/2 × Z/4. Nínú ìyẹn, bí ẹ bá ro 1 pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ẹ ti padà sí 0, nínú Z/8 ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló gbà.

Ìdápadà ni mo fi yangàn jù. Mo wá nọ́ńbà mẹ́ta: 225 ń ṣẹ́ ku 1 fún 8 àti 0 fún 9 àti 5, 280 ń ṣẹ́ ku 1 fún 9 àti 0 fún 8 àti 5, 216 ń ṣẹ́ ku 1 fún 5 àti 0 fún 8 àti 9. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 721, tó jẹ́ 1 nínú Z/360. Bí ẹ bá sọ méjì nínú wọn di púpọ̀, 0 ni; bí ẹ bá sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ara rẹ̀ náà ni. Bí ìyẹn bá ti kùnà, ẹ ti ṣìṣe níbì kan. Gbogbo ìdáhùn wá jẹ́:

```
x = 225a + 280b + 216c
a = 1, 3, 5, 7   b = 1, -1   c = 1, -1
```

Bí a = 5, b = 1, c = −1, a ní 1125 + 280 − 216 = 1189, tó ń ṣẹ́ ku 109. Mẹ́rìndínlógún ló jáde: 1, 19, 71, 89, 91, 109, 161, 179, 181, 199, 251, 269, 271, 289, 341, 359.

Mo gbé e lọ fún olùkọ́ wa. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n máàkì ti wọlé, kò ṣe é yí padà. Mo padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ ìlà yẹn pé "bí ìlọ́po a àti ìlọ́po b bá lè di 1", mo sì kọ ọ́ sínú ti àwọn mẹ́ta tó jókòó tì mí.